Náírà méjì kì í ṣe pọ́ọ́kú: iye ṣíà kan àti iye odindi ilé-iṣẹ́

*"Ẹ jọ̀wọ́ sà, tíṣà ni mí ní Àkúrẹ́. Mo ní ₦200,000 tí mo fẹ́ fi ra ṣíà. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní kí n ra ti ilé-iṣẹ́ kan tó jẹ́ náírà méjì péré, pé kò ní pẹ́ di náírà mẹ́rin. Ó ní èyí tó jẹ́ ₦600 ti wọ́n jù, kò níbi tó ń lọ mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i lórí fóònù pé wọ́n tún kọ Market Cap sábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bílíọ̀nù níbí, tírílíọ̀nù lọ́hùn-ún. Kí ni ìyàtọ̀ ìyẹn sí owó ṣíà, èwo gan-an ni kí n máa wò?"*

Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Méjèèjì ni kí ẹ máa wò, nítorí iṣẹ́ tí ọ̀kan ń ṣe kọ́ ni èkejì ń ṣe. Owó ṣíà ni iye tí ẹ ó san fún ègé kan. Market Cap, tí èmi máa ń pè ní iye odindi ilé-iṣẹ́ lọ́jà, ni iye tí gbogbo ègé náà ń jẹ́ tí a bá kó wọn jọ. Ègé ni ọ̀rẹ́ yín wò, ó sì ti ibẹ̀ dá odindi lẹ́jọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká ro ó báyìí. Ká sọ pé sítọ́ọ̀ kòkó méjì wà lọ́nà Oǹdó, tí wọn ò yàtọ̀ síra rárá: bí ilé ṣe tóbi tó, kòkó tí wọ́n ń rà lọ́dún, èrè tí wọ́n ń jẹ, ọgbọọgba ni. Mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ni ẹni tó bá fẹ́ ra èyíkéyìí nínú wọn máa mú wá. Àwọn tó ni ti àkọ́kọ́ pín in sọ́nà 100, ìpín kan wá di ₦100,000. Àwọn tó ni èkejì pín tiwọn sọ́nà 10,000, ìpín kan sì di ₦1,000. Ẹni tó ra ìpín ₦1,000 kò rí ọjà pọ́ọ́kú rà. Ègé tó kéré ló rà, owó ègé kékeré ló sì san. Ẹni tó gbé iṣu tí wọ́n gé sí mẹ́wàá kò lè fi owó ègé kan bú ẹni tó gé tirẹ̀ sí méjì pé ọjà rẹ̀ wọ́n jù.

Bí ilé-iṣẹ́ ṣe rí lọ́jà ṣíà náà nìyẹn. Iye ègé tí wọ́n pín ara wọn sí kò sọ nǹkan kan nípa bóyá iṣẹ́ wọn dára. Àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ló yàn án níjọ́ ìpìlẹ̀, wọ́n sì ti ń fi kún un tàbí yọ kúrò nínú rẹ̀ láti ìgbà náà. Nítorí náà, tí ẹ bá fi owó ṣíà kan wé ti ilé-iṣẹ́ mìíràn láì mọ iye ṣíà tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ẹ ò tíì fi ohunkóhun wé ohunkóhun.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lọ ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2019, ojú wa ló sì ṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, MTN Nigeria gbé ṣíà rẹ̀ wá sọ́jà ní Èkó, ₦90 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù Keje dé, Airtel Africa náà wọlé, ₦363 ni tiwọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo ṣe ń lọ sí Ọjà Ọba ni àwọn èèyàn ń dá mi dúró: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Airtel ti wá fi ìlọ́po mẹ́rin ju MTN lọ ni?" Mo mọ ìdí tí wọ́n fi bèèrè. ₦363 sáà ni, ₦90 sì ni èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ègé MTN Nigeria lé ní bílíọ̀nù 20. Ti Airtel Africa kò tó bílíọ̀nù mẹ́rin. Ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀:

```
Market Cap = Price × Shares Outstanding

MTNN        90 × 20.35 billion = 1.83 trillion
AIRTELAFRI 363 ×  3.76 billion = 1.36 trillion
```

Èyí tí ṣíà rẹ̀ jẹ́ ₦90 ni ọjà kà sí ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù lọ́jọ́ tí kálukú wọn wọlé, nǹkan bíi tírílíọ̀nù 1.83 sí tírílíọ̀nù 1.36. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá ni Airtel Africa ti ń ṣiṣẹ́, tí MTN Nigeria sì jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan, ìbéèrè tó wúlò ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè báyìí: kí ló dé tí wọ́n fi ka ti orílẹ̀-èdè kan sí ju ti mẹ́rìnlá lọ? Èrè wọn ńkọ́? Gbèsè wọn ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìwọ̀nyẹn, wọn ò sì lè jáde láti inú ₦363 àti ₦90. Inú iye odindi ni wọ́n ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín tí yóò jẹ́ kó dá yín lójú pé owó ṣíà lè yí padà láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́. Lọ́dún 2024, ilé-iṣẹ́ Transcorp ní ṣíà tó ju bílíọ̀nù 40 lọ nílẹ̀. Wọ́n pinnu láti pa mẹ́rin-mẹ́rin pọ̀ di ẹyọ kan, bílíọ̀nù 40 àti díẹ̀ wá di bílíọ̀nù 10 àti díẹ̀. Ká fi owó tó rọrùn ṣírò: ẹni tó ní ṣíà 4,000 ní ₦10 kọ̀ọ̀kan, ₦40,000 ló ní. Lẹ́yìn tí wọ́n pa á pọ̀, ṣíà 1,000 ló kù sí i lọ́wọ́, kálukú wọn sì di ₦40. ₦40,000 náà ni. Kò jèrè kọ́bọ̀, kò pàdánù kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo owó ṣíà nìkan yóò ní ó ti fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin.

Òdìkejì rẹ̀ ló máa ń bà wá lẹ́rù jù níbí. Tí ilé-iṣẹ́ bá fún àwọn tó ní ṣíà ní bọ́nọ́ọ̀sì, ká ní ẹyọ kan lórí ẹyọ kan, ègé di ìlọ́po méjì, ọjà á sì gé owó ṣíà náà sí ìdajì lọ́jọ́ tí ètò náà bá mú un. Lọ́jọ́ yẹn ni fóònù mi kì í sinmi. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti jí owó mi!" Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè tètè mọ̀ pé kì í ṣe òfò. Ọjà ṣíà ti Nàìjíríà, NGX, kì í jẹ́ kí owó ṣíà kan lọ sókè tàbí sílẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́. Tí ẹ bá wá jí lọ́jọ́ kan tí ohun tó jẹ́ ₦30 lánàá di ₦15, ìtajà lásán kò lè ṣe ìyẹn. Iye ègé ló yí padà. Ẹ wo Market Cap rẹ̀: tí ìyẹn bá wà níbi tó wà, ẹ fọkàn balẹ̀, kí ẹ sì ka iye ṣíà yín nígbà tí bọ́nọ́ọ̀sì bá wọ inú àkáǹtì yín.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín wá kù, pé náírà méjì máa ń tètè di mẹ́rin. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà tí mo ti gbọ́ orúkọ ara mi, mo sì ti rí owó tó bá a lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ₦200,000 yín ṣírò rẹ̀, ká gbé owó iṣẹ́ alágbàtà sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Ní náírà méjì, yóò ra ṣíà 100,000 fún yín. Ní ₦600, yóò ra 333, ₦200 a sì ṣẹ́ kù. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún máa ń dùn létí ju ọ̀ọ́dúnrún àti díẹ̀ lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, ti náírà méjì á fún yín ní ₦20,000, ti ₦600 á fún yín ní ₦19,980. Owó kan náà ni. Iye ṣíà tó wà lọ́wọ́ yín kì í pa èrè. Ìdá tí owó ṣíà náà fi gòkè ló ń pa á.

Kí náírà méjì wá tó di mẹ́rin, kí ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀? Ká ní ilé-iṣẹ́ náà ní ṣíà bílíọ̀nù 30. Ní náírà méjì, bílíọ̀nù 60 ni ọjà ń pè é. Ní náírà mẹ́rin, bílíọ̀nù 120. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ láìmọ̀ ni pé láìpẹ́, àwọn tó ń ra ṣíà yóò gbà pé ilé-iṣẹ́ kan náà tí wọ́n pè ní bílíọ̀nù 60 lánàá ti wá tó bílíọ̀nù 120. Ẹ bi í pé kí ló máa yí èrò wọn padà. Ṣé èrè rẹ̀ fẹ́ di ìlọ́po méjì? Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọjà tuntun? Tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ "náírà méjì péré sáà ni," kò tíì dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí ju ìwé èyíkéyìí lọ. Kí ó tó di 2018, òfin ọjà ni pé ṣíà kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 50 kọ́bọ̀ lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan, àwọn ti ìbánigbófò pàápàá, wà lórí 50 kọ́bọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi kó owó àjọ tó gbà, ó fi ra ọ̀kan nínú wọn. Àlàyé rẹ̀ dùn: "Kò lè lọ sílẹ̀ mọ́, òkè nìkan ló kù tó lè lọ." Ohun tí kò rí ni pé 50 kọ́bọ̀ yẹn kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni fẹ́ rà á. Òfin ló so ó rọ̀ síbẹ̀. Ìgbà tó nílò owó ilé-ìwé ọmọ, ó gbé e kalẹ̀ fún títà, oṣù gorí oṣù, kò sí ẹni tó wá rà á. Lóṣù Kìíní 2018, wọ́n yí òfin náà padà, wọ́n ní owó ṣíà lè lọ sílẹ̀ dé kọ́bọ̀ kan. Olùrà wá dé nígbà yẹn, ṣùgbọ́n 20 kọ́bọ̀ ni wọ́n mú wá. Nínú ₦50 kọ̀ọ̀kan tó fi síbẹ̀, ₦20 ló padà sílé. Ṣíà tó kéré lówó jù lọ lọ́jà ló rà, ó sì fi ìdá 60 nínú 100 ṣòfò. Ká ní ó ti fi iye ṣíà ilé-iṣẹ́ náà lu 50 kọ́bọ̀ lọ́jọ́ tó rà á, tó sì wo èrè tó ń pa, ì bá ti rí i pé ohun tí wọ́n ń tà fún un wọ́n.

Ibi tí iye odindi ti ń ṣiṣẹ́ jù nìyẹn, tíṣà, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Òun ni ẹ ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè kí ẹ tó mọ ohun tó wọ́n. Ẹ padà sórí ilé-iṣẹ́ náírà méjì yẹn, tó ní ṣíà bílíọ̀nù 30, tí odindi rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 60. Ká ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni èrè tó kù fún un lọ́dún lẹ́yìn owó orí. Ẹ fi èrè pín iye odindi: ogójì. Ìyẹn ni pé ogójì èrè ọdún kan ni àwọn olùrà ń san fún un. Ẹ wá mú ti ₦600. Ká ní ṣíà mílíọ̀nù 200 péré ló ní, odindi rẹ̀ á jẹ́ bílíọ̀nù 120. Ká ní bílíọ̀nù 20 ló ń jèrè lọ́dún. Ẹ pín in: mẹ́fà. Èyí tí ọ̀rẹ́ yín ní ó wọ́n jù, èrè ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń san fún un. Èyí tó ní ó jẹ́ pọ́ọ́kú, èrè ogójì ọdún. Kò tíì tán síbẹ̀ ṣá, nítorí èrè ọdún kan lè tan èèyàn jẹ. Lọ́dún 2023 tí náírà já wálẹ̀, èrè àwọn báńkì kan ga lójijì nítorí dọ́là tí wọ́n ní lọ́wọ́, ìyẹn kì í sì í ṣe èrè tí èèyàn ń retí lọ́dọọdún. Èrè ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ẹ wò, kí ẹ wò ó bóyá ó ń lọ síbi kan.

Ẹ lè bi mí pé, tó bá jẹ́ pé iye odindi ló mọ ohun tó wọ́n, kí la wá ń wo owó ṣíà fún? Nítorí pé owó ṣíà ni tiyín. Òun ni ẹ fi rà, òun ni ẹ ó fi tà, òun náà ni ẹ ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè tí wọ́n bá pín fún ṣíà kọ̀ọ̀kan. Iye odindi lè máa ga lọ kí owó tiyín má kúrò lójú kan.

Báwo nìyẹn ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ wo Access Holdings. Lóṣù Kẹta 2024, Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì fi kún owó ìpìlẹ̀ wọn, bílíọ̀nù 500 náírà fún àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ kọjá Nàìjíríà. Access Holdings ní ṣíà bílíọ̀nù 35.5 nílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n gbé bílíọ̀nù 17.77 tuntun jáde, wọ́n sì kọ́kọ́ fi lọ àwọn tó ti ní ṣíà tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá ní méjì lè ra ẹyọ kan sí i ní ₦19.75. Bílíọ̀nù 351 ni wọ́n fi kó jọ. Ègé tó jẹ́ bílíọ̀nù 35.5 wá di bílíọ̀nù 53.3.

Ká ní owó ṣíà náà kò kúrò níbì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iye odindi á ti fi ìdajì ara rẹ̀ lé sí i, ìwé ìròyìn á sì kọ ọ́ gàdàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ṣíà 2,000 tẹ́lẹ̀, tí kò rà sí i, kò jèrè kọ́bọ̀. Ohun tó tún ṣẹlẹ̀ sí i ni pé ìpín rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà ti kéré sí i, nítorí èrè tí ègé bílíọ̀nù 35.5 ń pín tẹ́lẹ̀, bílíọ̀nù 53.3 ló ń pín in báyìí. Tí bílíọ̀nù 351 tuntun yẹn kò bá mú èrè tó tó wá, ọwọ́ kálukú á fúyẹ́. Kí ìpín rẹ̀ tó lè dúró bó ṣe wà, ó ní láti mú ₦19,750 jáde fún ṣíà 1,000 sí i. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá rí i tí Market Cap ga, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ṣé owó ṣíà ló gòkè, àbí ègé ló pọ̀ sí i? Ti àkọ́kọ́ kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ti èkejì lè má fi kọ́bọ̀ kún tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí mo rí i pé ó ń da àwọn èèyàn láàmú. Bílíọ̀nù 500 tí Báńkì Àpapọ̀ bèèrè kì í ṣe Market Cap. Owó tí báńkì gbà lọ́wọ́ àwọn tó ra ṣíà rẹ̀ tààrà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Tí èmi bá ta ṣíà mi fún yín ní ìlọ́po méjì iye tí mo rà á, iye odindi báńkì náà lè ga lọ́jà, ṣùgbọ́n àpò mi ni owó yín wọ̀, kò wọ àpò báńkì.

Iye odindi náà sì ní ibi tó mọ. Wọn ò wọn ilé-iṣẹ́ lórí ìwọ̀n kí wọ́n tó rí i. Owó tí wọ́n fi ta èyí tí wọ́n tà kẹ́yìn ni wọ́n mú, wọ́n fi lu gbogbo ṣíà tó wà nílẹ̀, àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá sọ́jà. Ẹ wo Dangote Cement, DANGCEM lórí fóònù yín. Ṣíà rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 16, èyí tó ju ìdá 80 nínú 100 lọ ló sì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Tí owó rẹ̀ bá fi náírà kan péré gòkè lónìí, iye odindi á fi ohun tó lé ní bílíọ̀nù 16 náírà gòkè. NGX ní òdiwọ̀n fún iye ṣíà tó gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn kí owó tó yí, ṣùgbọ́n òdiwọ̀n náà kéré jọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bílíọ̀nù 16. Ìṣòwò kékeré kan ti sọ iye tuntun fún odindi. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa gbọ́ nínú ìròyìn pé ọjà gòkè lónìí nígbà tí gbogbo ṣíà tó wà lọ́wọ́ yín wálẹ̀: ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọjà ń gbé èyí tí odindi rẹ̀ tóbi lé orí èyí tó kéré, bí ilé-iṣẹ́ ńlá méjì bá sì rìn, wọ́n á gbé e lọ.

Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí lọ́dún 2008 kò lè gbàgbé. Lóṣù Kẹta ọdún yẹn, iye gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà ní Èkó ju tírílíọ̀nù 12 náírà lọ. Nígbà tí oṣù Kẹta 2009 fi dé, kò tó ìdajì ìyẹn mọ́. Bàbá kan, olóko kòkó láti Ìdànrè, wá jókòó sí ọ́fíìsì mi ní Alágbàká, ó bi mí pé, "Ta ló kó owó náà? Ibo ni wọ́n kó o lọ?" Ó dùn mí pé mi ò ní ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn lọ́jọ́ yẹn. Ìdáhùn náà ni pé tírílíọ̀nù 12 yẹn kò fìgbà kan jẹ́ owó tó wà nínú yàrá kan. Owó tí wọ́n tà kẹ́yìn ni, tí wọ́n fi lu iye ègé. Ìgbà tí àwọn tó fẹ́ tà wá pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ rà lọ, owó tí wọ́n tà kẹ́yìn wálẹ̀, iye odindi sì wálẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn tó tà ní ibi tó ga nìkan ni owó náà bọ́ sí lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun tí màá ṣe lórí ₦200,000 yín nìyí. Ẹ wọ ojú ìwé ilé-iṣẹ́ méjèèjì lórí ìkànnì NGX. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Shares Outstanding sí, ẹ fi lu owó ṣíà tọjọ́ yẹn, kí ẹ rí i bóyá ó bá Market Cap tí fóònù yín gbé jáde mu. Tí kò bá bá a mu, ó ṣeé ṣe kí iye ègé tí fóònù yín ń lò ti di ti àtijọ́, pàápàá tó bá jẹ́ báńkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ṣíà tuntun jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wá èrè ọdún mẹ́ta sẹ́yìn nínú ìròyìn ọdọọdún wọn, ẹ fi pín iye odindi bí a ṣe ṣe é lókè. Ẹ wo gbèsè wọn pẹ̀lú, nítorí Market Cap kò ka gbèsè rárá. Ilé-iṣẹ́ méjì lè jọ jẹ́ bílíọ̀nù 100 lọ́jà kí ọ̀kan má jẹ ẹnikẹ́ni lówó, kí èkejì sì jẹ báńkì ní bílíọ̀nù 200.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, ẹ mú ìwé yín, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: ọjọ́ tí ẹ rà á, owó tí ẹ rà á, iye ṣíà tó jẹ́ tiyín, àti iye gbogbo ṣíà tí ilé-iṣẹ́ náà ní lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ ti ìkẹyìn. Ọdún méjì sí i, tí ọ̀rẹ́ yín bá wá ní ilé-iṣẹ́ náà ti tóbi ní ìlọ́po méjì, òun ni ẹ ó ṣí wò kí ẹ tó bá a yọ̀.